Ọ́dà ₦265,000, sẹ́túmẹ́ǹtì ₦230,027.50: kí ló gbé ìyókù?

Aláṣọ_Ìtòkú · Ìṣẹ́gun, 8:12 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò kí n tó lọ bá àwọn ilé-iṣẹ́ agbowó fa wàhálà.

Àdìrẹ ni mo ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kan lórí ayélujára tí wọ́n fi WooCommerce bá mi ṣe. Bí oníbàárà bá sanwó níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ agbowó ló máa kọ́kọ́ gba owó náà. Wọ́n á yọ owó iṣẹ́ tiwọn, wọ́n á wá san ìyókù sí àkáǹtì mi lọ́jọ́ iṣẹ́ tó bá tẹ̀ lé e. Owó ọjọ́ Ẹtì, Àbámẹ́ta àti Àìkú máa ń wọlé pọ̀ lọ́jọ́ Ajé. 1.5% pẹ̀lú ₦100 ni owó iṣẹ́ wọn.

Ní òpin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ́dà 8 ló ti di `Processing` lórí ṣọ́ọ̀bù mi:

```
1041   18,000
1042    6,500
1043   42,000
1044    2,000
1046  150,000
1047   12,500
1048   25,000
1049    9,000
```

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦265,000. Owó tó wọlé lánàá ni ₦230,027.50. Mo wo dáṣíbọ́ọ̀dù wọn, ìsanwó 8 ni àwọn náà kọ pé àwọn kó jọ fún mi. 8 lọ́dọ̀ mi, 8 lọ́dọ̀ wọn, síbẹ̀ owó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ₦35,000. Irú owó iṣẹ́ wo nìyẹn?

---

Ìfẹ́_Bàtà · Ìṣẹ́gun, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Bàtà ni èmi ń tà ní Ṣómólú, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sí mi. Ẹ má gbàgbé pé ₦100 yẹn wà lórí ìsanwó kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. 1.5% ti ₦265,000 jẹ́ ₦3,975. ₦100 lọ́nà 8 jẹ́ ₦800. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦4,775, torí náà ₦260,225 ló yẹ kó wọlé. Ohun tó sọnù gan-an ni ₦30,197.50. Ẹ wò ó bóyá ẹ dá owó padà fún ẹnì kan láìpẹ́, ibẹ̀ ló sábà máa ń wà.

---

Jagun_Àkúrẹ́ · Ìṣẹ́gun, 8:55 àárọ̀

Wọ́n ń di owó yín mú ni. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àbúrò mi lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní àwọn ń ṣe àyẹ̀wò àkáǹtì rẹ̀, odindi ọ̀sẹ̀ ni kò fi rí kọ́bọ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn lónìí olónìí. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ kọ sí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà ní báńkì àpapọ̀, CBN.

---

Olùṣírò_Ìbàdàn · Ìṣẹ́gun, 9:31 àárọ̀

Jagun, bí wọ́n bá di owó mú, owó náà kò ní wọlé rárá, tàbí kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn dá a dúró. Ti ìyá yìí wọlé lásìkò. Ẹ jẹ́ ká fi ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀ ná.

Ìfẹ́_Bàtà, ẹ kú àlàyé, ṣùgbọ́n ẹ tún ìṣirò yẹn ṣe. Iye tí ìyá kọ yìí ni Paystack náà ń gbà lórí káàdì ilẹ̀ wa, àwọn mìíràn sì jọ ọ́. Ó ní ohun méjì tí ẹ fò. Bí ìsanwó kò bá tó ₦2,500, wọn kì í gba ₦100 yẹn. Owó iṣẹ́ kì í sì í kọjá ₦2,000, bó ti wù kí ọjà náà wọ́n tó. ₦2,000 tó wà ní 1044, ₦30 péré ni wọ́n máa yọ níbẹ̀. ₦150,000 tó wà ní 1046, ìṣirò yín yóò fún un ní ₦2,350, ṣùgbọ́n ₦2,000 ni wọ́n máa yọ. Torí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ṣírò owó iṣẹ́ lórí àpapọ̀ kò lè gbà á dáadáa. Orí ìsanwó kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ ti ṣe é:

```
=MIN(2000, B2*1.5% + IF(B2<2500, 0, 100))
```

Mo ti ṣe é lórí ọ́dà 8 yẹn. ₦4,325 ni owó iṣẹ́ wọn, ₦260,675 ló sì yẹ kó wọlé bí gbogbo nǹkan bá rí bí ìwé ìyá ṣe sọ. Àlàfo tó kù ni ₦30,647.50.

Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má wá ₦30,647.50 kiri. Kò sí ọ́dà yín kankan tó jẹ́ iye yẹn, ìyẹn ló sì jẹ́ kó dá mi lójú pé kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Àwọn kan ń yọ, àwọn kan ń lé, wọ́n sì ń bo ara wọn mọ́lẹ̀. Iye 8 tó bára mu yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ẹ wọ dáṣíbọ́ọ̀dù wọn, ẹ lọ sí ojú ìwé sẹ́túmẹ́ǹtì, ẹ tẹ sẹ́túmẹ́ǹtì ọjọ́ Ajé nìkan, kí ẹ wá gba `CSV` rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má gba ti gbogbo ìsanwó láti ọjọ́ Ẹtì dé Àìkú o, ìyẹn yàtọ̀. Ohun tí wọ́n kó sínú sẹ́túmẹ́ǹtì yẹn gan-an la fẹ́ rí. Ẹ gbé e síbí, ṣùgbọ́n ẹ yọ orúkọ àti ímeèlì àwọn oníbàárà kúrò.

---

Alátà_Pẹ́kámù · Ìṣẹ́gun, 9:50 àárọ̀

Ẹ kú òwúrọ̀ gbogbo ilé. Gaàrí, èlùbọ́ àti ata gbígbẹ ni èmi ń tà l'Óńdọ̀nù, Stripe ni mo sì ń lò. Ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa ojú ìwé sẹ́túmẹ́ǹtì yẹn, òun náà ni mo ń ṣe. Láti inú owó tó bọ́ sí báńkì ni mo ti máa ń bẹ̀rẹ̀, n ó wá padà sẹ́yìn dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ́dà. Ọ̀dọ̀ tiwa, ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní iye tí oníbàárà san, owó iṣẹ́, àti ohun tó kù, wọ́n sì kọ ọ́ sí i pé inú owó ọjọ́ wo ló bá wọlé. Wàhálà tèmi ni àwọn oníbàárà tó ń fi dọ́là àti yúrò sanwó, nítorí owó pàṣípààrọ̀ ń bọ́ sí àárín rẹ̀. Ẹ̀yin ò ní ìyẹn.

---

Aláṣọ_Ìtòkú · Ìṣẹ́gun, 11:05 àárọ̀

Ẹ ṣé gan-an ni. Ó rèé. N kò mọ ìdí tí àwọn iye yìí fi tóbi báyìí o, ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí.

```
order_id,amount,fees
1041,1800000,37000
1042,650000,19750
1044,200000,3000
1045,1500000,32500
1046,15000000,200000
1047,1250000,28750
1047,1250000,28750
1048,2500000,47500
refund 1019,-750000,0
```

---

Kóòdù_Yàbá · Ìṣẹ́gun, 11:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Kọ́bọ̀ ni wọ́n fi kọ ọ́, ẹ fi 100 pín gbogbo rẹ̀. 1800000 yẹn, ₦18,000 ni.

Mo ti rí ohun kan: lórí ìwé yín, ẹ fo láti 1044 bọ́ sí 1046. 1045 kò sí níbẹ̀, ó sì wà nínú tiwọn. Ẹ wá a lórí ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ má fi àsẹ́ `Processing` wá a, ẹ wo gbogbo ọ́dà. Mo fura pé `Cancelled` ni ẹ máa bá a.

---

Ìfẹ́_Bàtà · Ìṣẹ́gun, 11:28 àárọ̀

Mo sọ ọ́ àbí n kò sọ ọ́? Ìdápadà owó wà níbẹ̀, ₦7,500.

---

Olùṣírò_Ìbàdàn · Ìṣẹ́gun, 12:47 ọ̀sán

Ẹ sọ ọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdá kan lára márùn-ún ni. Ẹ jẹ́ kí n tò ó sílẹ̀ bí mo ṣe máa ń ṣe é, torí ọ̀nà yìí ni ìyá yóò máa lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ẹ ṣí fáìlì kan, kí ó ní ojú ìwé méjì. Ẹ sọ ọ̀kan ní `Soobu`, kí ẹ da àwọn ọ́dà yín síbẹ̀, nọ́ńbà ọ́dà ní A, iye owó ní B. Ẹ sọ èkejì ní `Agbowo`, kí ẹ da ìlà sẹ́túmẹ́ǹtì síbẹ̀ bákan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ojú ìwé kọ̀ọ̀kan léèrè ìgbà mélòó ni nọ́ńbà rẹ̀ fara hàn lọ́dọ̀ èkejì. Èyí lọ sí `Soobu`:

```
=COUNTIF(Agbowo!A:A, A2)
```

Lórí `Agbowo`, ẹ yí i padà kó máa wo `Soobu`. Ọ̀nà méjèèjì ni kí ẹ gbà o. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ti ṣọ́ọ̀bù sí agbowó nìkan, wọn kì í wá rí owó tó wọlé láìní ọ́dà. Ibi tó bá ti mú 1 wá ti parí. Ibi tó bá ti mú 0 tàbí 2 wá niṣẹ́ wà.

Lọ́dọ̀ ìyá, `Soobu` mú 0 wá fún 1043 àti 1049, ó mú 2 wá fún 1047. `Agbowo` mú 0 wá fún 1045. Ìlà ìdápadà owó kò ní ẹnìkejì, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, nítorí ọ́dà ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni. Nǹkan márùn-ún péré nìyẹn, ẹ jẹ́ ká wá rìn láti ₦260,675 títí a ó fi dé ohun tó wọ báńkì.

1049 kò sí nínú sẹ́túmẹ́ǹtì yìí. Ẹ yọ ₦9,000, kí ẹ sì dá ₦235 owó iṣẹ́ rẹ̀ padà, ó ku ₦251,910. Ẹ yọ ₦7,500 tí wọ́n dá padà fún oníbàárà 1019, ó ku ₦244,410. Wọ́n san 1047 lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ fi ₦12,500 kejì kún un, ẹ yọ ₦287.50, ó di ₦256,622.50. 1043 kò gba ọ̀dọ̀ agbowó kọjá rárá. Ẹ yọ ₦42,000, ẹ dá ₦730 owó iṣẹ́ tí mo ti ṣírò fún un padà, ó ku ₦215,352.50. 1045 wọlé láìsí lórí ìwé yín. Ẹ fi ₦15,000 kún un, ẹ yọ ₦325. Ó di ₦230,027.50.

Kọ́bọ̀ kan kò ṣẹ́ kù. Ẹ wá wo bí 8 ṣe bá 8 mu: ọ́dà méjì tó wà lọ́dọ̀ yín kò sí lọ́dọ̀ wọn, ìsanwó méjì tó wà lọ́dọ̀ wọn kò sì sí lọ́dọ̀ yín.

Ilé-iṣẹ́ agbowó kò jẹ yín ní kọ́bọ̀ lórí sẹ́túmẹ́ǹtì yìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin jẹ ẹnì kan ní aṣọ ₦15,000, ẹ jẹ ẹlòmíràn ní ₦12,500, ₦42,000 kan sì wà tí n kò mọ ibi tó wà. Àwọn wọ̀nyí ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ lórí wọn lónìí.

---

POS_Mọ́kọ́lá · Ìṣẹ́gun, 1:15 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán o. Èmi kò ní ṣọ́ọ̀bù orí ayélujára, POS ni mo ń ṣe, ṣùgbọ́n owó tiwa náà kì í bá ìwé mu. Ẹ jẹ́ kí ìyá wo ₦50 tí báńkì máa ń yọ lórí owó tó bá wọlé tó bá ti tó ₦10,000. Kò sí nínú rípọ́ọ̀tù agbowó, inú sítétímẹ́ǹtì báńkì ló wà.

---

Olùṣírò_Ìbàdàn · Ìṣẹ́gun, 1:33 ọ̀sán

Ẹ kú àkíyèsí, ìyáàfin. Òótọ́ ni fún àwọn ọdún tó kọjá. Láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2026, òfin owó-orí tuntun ti gbé ₦50 yẹn kúrò lọ́rùn ẹni tó gbà á sọ́rùn ẹni tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá ń tún ìwé 2025 ṣe yóò ṣì máa bá a pàdé. Ìlà ọ̀tọ̀ ló sì máa ń wà, wọn kì í yọ ọ́ kúrò lára owó náà fúnra rẹ̀. ₦230,027.50 tí ìyá rí nínú álátì báńkì bá ìwé agbowó mu pátápátá, torí náà kò kan èyí.

---

Aláṣọ_Ìtòkú · Ìṣẹ́gun, 3:20 ọ̀sán

Olúwa á máa fún yín ṣe, ẹ̀gbọ́n. Mo ti wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

`Cancelled` ni 1045 lóòótọ́, ọmọ Yàbá. Oníbàárà náà ti pè wá ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sì sọ fún un pé owó rẹ̀ kò wọlé. A ti bẹ̀ ẹ́, aṣọ rẹ̀ ń lọ lọ́la. Ṣùgbọ́n kí ló fà á tí ṣọ́ọ̀bù mi fi fagi lé ọ́dà tí wọ́n ti sanwó rẹ̀?

1049 yà mí lẹ́nu. Mo wá a nínú àkọsílẹ̀ gbogbo ìsanwó wọn, ó wà níbẹ̀, wọ́n sì kọ aago síwájú rẹ̀: `2026-02-08T23:06:41Z`. Ọjọ́ Àìkú nìyẹn. Kí ló dé tí wọn kò fi san án mọ́ ti ọjọ́ Ajé?

---

Ìfẹ́_Bàtà · Ìṣẹ́gun, 3:31 ọ̀sán

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà alẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ó yẹ kí wọ́n san án. Ẹ kọ̀wé sí wọn lórí ìyẹn nìkan.

---

Kóòdù_Yàbá · Ìṣẹ́gun, 4:02 ọ̀sán

Ẹ má tíì kọ̀wé mà. `Z` tó wà nígbẹ̀yìn aago yẹn ń sọ pé UTC ni wọ́n fi kọ ọ́. Aago ilẹ̀ wa fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, aago méjìlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà òru ni, ọjọ́ Ajé ti wọlé. Aago Nàìjíríà ni wọ́n fi ń gé sẹ́túmẹ́ǹtì, aago UTC ni wọ́n fi ń kọ `CSV`. Owó ọjọ́ Ajé ló jẹ́, torí náà inú sẹ́túmẹ́ǹtì ti òní, Ìṣẹ́gun, ló yẹ kẹ́ ẹ ti máa retí rẹ̀. Ohun tó wà láàárín aago méjìlá òru sí aago kan nìkan ló máa ń ṣe báyìí, ìyẹn ni kì í fi í hàn lójoojúmọ́.

Ọjọ́ tí oníbàárà gbé ọ́dà kalẹ̀ náà kì í ṣe ọjọ́ tó sanwó. Ẹ wo 1049 lórí ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ ó rí i pé kí aago méjìlá òru tó lù ló ti tẹ ọ́dà, ó wá ń wá káàdì rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ọjọ́ ṣa ọ́dà jọ, ọjọ́ ìsanwó ni kí ẹ lò.

Nípa 1045: bí ìsanwó bá yege, agbowó máa ń rán ìròyìn sí àdírẹ́sì kan lórí ṣọ́ọ̀bù yín, èyí tí ẹ fi sínú `Webhook URL` lọ́dọ̀ wọn. Ìròyìn yẹn ló ń sọ ọ́dà di `Processing`. Bí sáfà yín bá sùn lásìkò yẹn, tí oníbàárà náà sì ti pa fóònù rẹ̀ kó tó padà sí ojú ìwé yín, ṣọ́ọ̀bù kò ní gbọ́ nǹkan kan. Ó máa wà ní `Pending payment`. WooCommerce ní ètò kan tó ń jẹ́ `Hold stock (minutes)`, 60 ló máa ń wà níbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni ò bá yí i padà. Bí wákàtí kan bá pé tí ìròyìn owó kò dé, yóò fagi lé e, yóò sì dá aṣọ náà padà sí ọjà. Ẹ lọ wo àkọsílẹ̀ wẹ́búùkù lọ́dọ̀ agbowó, ẹ ó rí aago tí wọ́n rán an àti ohun tí sáfà yín fi dáhùn. Bí kì í bá ṣe `200`, ó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni ìròyìn náà ti sọnù.

---

Alátà_Pẹ́kámù · Ìṣẹ́gun, 4:40 ọ̀sán

Bí wọ́n bá rí i pé sáfà kò dáhùn, ṣé wọn kì í tún un rán ni? Stripe máa ń tún un rán fún ọjọ́ mélòó kan.

---

Kóòdù_Yàbá · Ìṣẹ́gun, 4:52 ọ̀sán

Wọ́n máa ń tún un rán sà. Ṣùgbọ́n bó bá fi máa dé, ọ́dà ti di `Cancelled`, àwọn pọ́lọ́gíìnì kan kì í fọwọ́ kan ọ́dà tí wọ́n ti fagi lé. N kò tíì rí ti ìyá, torí náà n kò lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ló rí níbí. Àbá tèmi ni kí wọ́n gbé 60 yẹn kúrò, kí wọ́n fi òfo síbẹ̀, kí ó má máa fagi lé nǹkan kan fúnra rẹ̀.

---

Ìfẹ́_Bàtà · Ìṣẹ́gun, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Èyí ni n kò fara mọ́, àbúrò. Ẹni tó ní aṣọ kan ṣoṣo nílẹ̀, bí ẹni tí kò ní san bá gbé ọ́dà kalẹ̀, aṣọ yẹn yóò wà ní dídè títí láé. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lórí bàtà, àwọn ọ́dà tí kò ní olówó kún gbogbo ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi sí wákàtí mẹ́fà tàbí ọjọ́ kan.

---

Aláṣọ_Ìtòkú · Ìṣẹ́gun, 7:48 alẹ́

Ti àdìrẹ jọ ti bàtà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwòrán tèmi. N ó ní kí ọmọ tó ṣe é fi sí wákàtí mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ ku méjì. Ẹni tó san 1047 lẹ́ẹ̀mejì, mo ti pè é. Ó ní ìgbà àkọ́kọ́, fóònù òun dá dúró, òun rò pé kò lọ, òun tún tẹ̀ ẹ́. ₦12,500 ló san, ₦12,212.50 ló dé ọ̀dọ̀ mi. Èló ni kí n dá padà?

---

Olùṣírò_Ìbàdàn · Ìṣẹ́gun, 8:15 alẹ́

₦12,500 pé. Kò ra nǹkan kan pẹ̀lú owó kejì yẹn. Ẹ kọ ₦287.50 sí owó tí ẹ ná lórí iṣẹ́. Láti orí dáṣíbọ́ọ̀dù agbowó ni kí ẹ sì ti dá a padà, lórí réfárẹ́ǹsì kejì gan-an. Bí ẹ bá fi tíránsífà ránṣẹ́ sí i láti àkáǹtì yín, owó náà kò ní hàn nínú ìwé agbowó. Bí ó bá wá bá báńkì tirẹ̀ jà lẹ́yìn náà pé wọ́n yọ owó òun lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n lè tún yọ ọ́ lọ́wọ́ yín.

---

Ìfẹ́_Bàtà · Ìṣẹ́gun, 8:29 alẹ́

Lórí pé orí dáṣíbọ́ọ̀dù ni, mo fara mọ́ yín. Lórí iye rẹ̀, n kò fara mọ́ ọn. Èmi ti kọ ọ́ sórí ṣọ́ọ̀bù mi pé owó iṣẹ́ agbowó kò ní padà, oníbàárà sì rí i kó tó sanwó. Ẹni tó ń ta bàtà ₦4,000, ₦160 lórí gbogbo ẹni tó bá yí ọkàn padà kì í ṣe kékeré.

---

Olùṣírò_Ìbàdàn · Ìṣẹ́gun, 8:41 alẹ́

Ẹni tó yí ọkàn padà lẹ̀ ń sọ. Ẹni tí owó rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì kò yí ọkàn padà. Ẹ jẹ́ kí ìyá yàn.

Ìyá, ohun kan tó kù tí mo fẹ́ kí ẹ máa ṣe. Ẹ ṣí ojú ìwé kan tí ẹ ó pè ní owó tó wà lọ́wọ́ agbowó. Bí ẹnikẹ́ni bá sanwó lórí ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀. Bí sẹ́túmẹ́ǹtì bá wọlé, ẹ yọ iye tí oníbàárà san fún gbogbo ìlà inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ kọ owó iṣẹ́ sí ojú ìwé tirẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àwọn tí wọn kò tíì san fún yín nìkan. Ká ní ẹ ti ń ṣe é, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, lára àwọn ọ́dà òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, ₦9,000 ti 1049 nìkan ló yẹ kó ṣẹ́ kù. ₦42,000 ti 1043 ì bá dúró síbẹ̀ gbagidi, ẹ ì bá sì rí i lójú ẹsẹ̀.

Ìyẹn ló gbé wa dé orí rẹ̀. Báwo ni 1043 ṣe di `Processing`?

---

Aláṣọ_Ìtòkú · Ọjọ́rú, 7:30 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. 1049 ti wọlé lánàá, ₦8,765, òun àti àwọn mìíràn tí wọ́n sanwó lọ́jọ́ Ajé.

1043 ló ń dá mi lóró báyìí. Mo ṣí àkọsílẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ́dà náà. Àwọn tó kù ní réfárẹ́ǹsì ìsanwó, èyí kò ní. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé orúkọ tí ọmọ mi fi ń wọlé ló sọ ọ́ di `Processing`. Mo bi í. Ó ní oníbàárà sọ pé káàdì òun kò ṣiṣẹ́, òun wá fún un ní nọ́ńbà àkáǹtì ṣọ́ọ̀bù, ó sì fi àwòrán rìsíìtì ránṣẹ́ lórí WhatsApp. ₦42,000, orúkọ wa, gbogbo rẹ̀ pé. Mo wá wo sítétímẹ́ǹtì láti ọjọ́ Ẹtì di àárọ̀ yìí. ₦42,000 kankan kò wọlé.

Aṣọ náà ṣì wà nílẹ̀, a kò tíì gbé e lọ sí gáráàjì. Mo ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

---

POS_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́rú, 7:52 àárọ̀

Hà! Èyí ni èmi mọ̀ o. Ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kó jáde.

Àwòrán rìsíìtì kì í ṣe owó. Ẹ̀yà ayédèrú pọ̀ tó rí bí ti gidi. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é ní olè ná, torí tíránsífà gidi náà máa ń há nígbà mìíràn. Ẹ ní kó fi sẹ́ṣọ̀n ID ránṣẹ́, nọ́ńbà gígùn kan ni, 30 ni iye rẹ̀. Gbogbo tíránsífà láti báńkì kan sí òmíràn ló ń ní in, àpù rẹ̀ yóò fi hàn án bó bá tẹ ìsanwó náà. Ẹ gbé nọ́ńbà yẹn lọ sí báńkì tiyín, wọ́n á wá a, wọ́n á sì sọ bóyá owó náà bọ́ sọ́dọ̀ àwọn, tàbí ó padà sí ọ̀dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ẹni tó ṣe ayédèrú kì í fẹ́ fi nọ́ńbà yẹn sílẹ̀.

---

Jagun_Àkúrẹ́ · Ọjọ́rú, 8:03 àárọ̀

Ẹ gba àṣẹ ìyípadà ọ́dà kúrò lọ́wọ́ ọmọ yẹn kíákíá.

---

Kóòdù_Yàbá · Ọjọ́rú, 8:20 àárọ̀

Ẹ lè dá a dúró láìgba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ mà. Ẹ tan `Direct bank transfer` sílẹ̀ lórí WooCommerce. Ẹni tó bá yàn án, ọ́dà rẹ̀ yóò dúró sí `On hold` títí ẹ ó fi rí owó nínú báńkì. Yóò tún hàn nínú ìwé yín pé kò gba ọ̀dọ̀ agbowó, ẹ kò sì ní máa wá a nínú sẹ́túmẹ́ǹtì wọn.

---

Aláṣọ_Ìtòkú · Ọjọ́rú, 12:10 ọ̀sán

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. `Direct bank transfer` ti wà níbẹ̀ báyìí. Mo ti dá ₦12,500 pé padà fún ẹni 1047 láti orí dáṣíbọ́ọ̀dù, n kò ro ₦287.50 yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Oníbàárà 1043 ti fi sẹ́ṣọ̀n ID ránṣẹ́, mo kà á, 30 ló pé. Mo ti ń lọ sí báńkì ní Pánṣẹ́kẹ́ báyìí. Bí wọ́n bá ní owó náà padà sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, n ó ní kó tún un fi ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ní ó wà lọ́dọ̀ àwọn, n ó béèrè ìdí tí kò fi dé inú sítétímẹ́ǹtì mi láti ọjọ́ Àbámẹ́ta.

---

POS_Mọ́kọ́lá · Ọjọ́rú, 12:16 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nọ́ńbà ẹ̀sùn fún yín kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀ o, mà.